Àkọlé ‘Àbíkú’ àti Ewì Méjì tí Ó Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń ka ewì ní kíláàsì, ó ti di àṣà wa pé kí a ka àkọlé rẹ̀ bí ẹni ń wo nọ́ńbà ara ilé: a wò ó kí á lè mọ̀ pé ibi tí à ń lọ nìyí, a sì wọlé, a kò tún bojú wẹ̀yìn mọ́. Bí wọ́n bá béèrè ìtumọ̀ ewì náà lọ́wọ́ wa nínú ìdánwò, a ó sọ̀rọ̀ lórí àwítúnwí, a ó sọ̀rọ̀ lórí àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, a ó sì fi ẹ̀kọ́ tí akéwì fẹ́ kọ́ wa kádìí rẹ̀. Àkọlé kì í sí nínú ohun tí a ń tú. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ fi sùúrù bá mi wo ewì méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú gbogbo ewì tí mo mọ̀, inú wọn ni iṣẹ́ tí àkọlé ń ṣe ti hàn sí mi jù lọ.

Orúkọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ ni ‘Àbíkú’. J. P. Clark, ọmọ Kiagbodo ní agbègbè odò Niger, ni ó kọ ọ̀kan. Ó wà nínú ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní 1965. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó kọ èkejì. Ó wà nínú ìwé ewì tí ó fi Ìdánrè sọ ní orúkọ, èyí tí ó jáde ní 1967. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi kọ ewì wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n gbé ka orí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ sábà máa ń kọ́ni ní méjèèjì pọ̀, wọn a sì ní kí á fi wọ́n wé ara wọn. Ìdáhùn tí gbogbo wa mọ̀ ni pé nínú ti Clark, ènìyàn ni ó ń bá àbíkú sọ̀rọ̀, nínú ti Ṣóyínká, àbíkú fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí pé kò béèrè bí a ṣe mọ̀ pé àbíkú ni ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú ti Clark. Ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ náà láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn ewì Clark kò ní rí i. Kò sí níbẹ̀ rárá. Orí rẹ̀ nìkan ni ó wà.

Mo fi èyí dán ọ̀rẹ́ mi kan wò. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni òun ń kọ́, kò sì tíì rí ewì náà rí. Mo fi ìwé pélébé bo àkọlé, mo ní kí ó kà á kí ó sì máa sọ ohun tí ó ń rò fún mi bí ó ti ń kà á lọ.

Bí ewì náà ṣe lọ nìyí. Ẹnì kan ń bá ẹnì kan tí ó ti ń lọ tí ó ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́ wí. Ó sọ fún un pé bí inú ilé kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó kúkú dúró sórí igi osè níta pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń jẹ́wọ́ àléébù ilé náà: òrùlé ń jò nígbà tí omi bá kún, àdán àti òwìwí ń gba abẹ́ òrùlé wọlé lóru, ọyẹ́ sì ń gbẹ ògiri ọparun tó bẹ́ẹ̀ tí iná lè ràn án. Síbẹ̀ ilé náà ti tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dàgbà, yóò sì tún tọ́ sí i. Ó wá ní kí àlejò náà má dúró lójú ọ̀nà mọ́, kí ó wọlé kí ó sì jókòó pátápátá. Àwọn mọ àpá ọ̀bẹ tí ó wà lára rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, àwọn mọ etí rẹ̀ méjèèjì tí a gé lẹ́nu bíi ti ẹrú ilé; àmì wíwá rẹ̀ ìṣáájú ni gbogbo wọn. Kí ó wọlé, nítorí pé obìnrin kan wà tí ó ti rẹ̀, tí ọmú rẹ̀ sì ń kan.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ka ìdajì, ó ní ọmọ ìlú tí ó lọ sí Èkó ni wọ́n ń bá wí, irú èyí tí ń wá sílé ní Kérésì tí kì í sùn ju alẹ́ méjì lọ nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ kò ní iná mànàmáná. Nígbà tí ó dé ibi àpá àti etí, ó yí ọ̀rọ̀ padà: ó ní ẹrú tí ó ti sá lọ ni, wọ́n sì fẹ́ gbà á padà. N kò lè bá a wíjọ́, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà lójú ìwé gbè é lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni ó dé ibi ọmú tí ń kan. Ó dákẹ́. Ó padà sókè, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n tó ṣí àkọlé fún un.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Láìsí àkọlé, ewì náà di àlọ́ àpamọ̀. Gbogbo wa mọ bí àlọ́ ṣe ń rìn: wọ́n á sọ fún wa nípa ọmọ kan tí ó ki orí bọ omi tí ń hó, ọkàn wa á máa wá ọmọ náà kiri títí wọn yóò fi sọ pé orógùn ni. Bí ìdáhùn bá ti dé, omi yẹn di ìkòkò àmàlà, ọmọ di igi, ó sì parí. Adùn àlọ́ wà nínú pé ìdáhùn kẹ́yìn. Ọmú tí ó kan ni ìdáhùn nínú ewì tí a bo orí rẹ̀: ó sọ fún wa pé ìkókó ni àlejò náà, pé ibi tí ó ti ń wá kì í ṣe Èkó.

Ṣùgbọ́n Clark kò kọ àlọ́. Ó fi ìdáhùn sí òkè pátápátá, kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó ka àkọlé kò wá ẹnikẹ́ni kiri. Láti ìgbà tí ó ti gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ ó ń bọ̀ ni ó ti mọ̀ pé ìbí ni bíbọ̀, ikú sì ni lílọ. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ní kí ó má dúró sí mọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé lásán, ààlà ayé àti ọ̀run ni. Àpá ara rẹ̀ kì í ṣe ti pàṣán, ara òkú ọmọ ni wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún yà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìlà tí ó dùn ún gbọ́ jù lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ pé òrùlé àwọn ń jò, di ohun tí ó ń ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Láìsí àkọlé, ẹ̀rín ń pa ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Pẹ̀lú àkọlé, àwọn òbí kan ni à ń wò tí wọ́n rò pé bóyá nítorí ilé àwọn kò dára tó ni ọmọ ṣe ń kú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni ó gbé mi dé ìdí àròkọ yìí. Kí ló dé tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò fi pe ọmọ náà ní orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ó pè é wọlé, ó bẹ̀ ẹ́, ó bá a wí díẹ̀, ó rán an létí àpá ara rẹ̀, síbẹ̀ kò pè é ní àbíkú. Àwọn kan lè sọ pé kò sí ìdí kankan níbẹ̀, pé ó ṣèèṣì ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nínú ilé tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Èmi tí mo ń kọ èyí, Málọmọ́ ni wọ́n sọ mí. Méjì ti wá ṣáájú mi tí wọn kò dúró. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ mi ní ọjà tàbí ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ìtàn ilé wa kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n láti kékeré mi títí di òní olónìí, n kò gbọ́ ọ rí kí ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà ‘àbíkú’. Bí ó bá kan àwọn méjèèjì, yóò ní “àwọn tí ó ṣáájú rẹ”, á sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ní ọjọ́ kan mo bi í pé, ‘Ẹ̀yin Màmá, ṣé àbíkú ni wọ́n ni?’ Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, ‘Orúkọ rẹ ni mo máa ń pè. Lọ bá mi gbé omi ka iná.’

Ìdáhùn ìyá mi bá ewì Clark mu ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà nípa rẹ̀ lọ. Nítorí pé bí a bá wo àwọn orúkọ tí à ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Rótìmí, Kòsọ́kọ́, kò sí èyí tí a fi ọ̀rọ̀ náà gan-an kọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn kan, ìkìlọ̀ ni àwọn mìíràn: Kòsọ́kọ́ ń sọ fún ọmọ pé a kò ní ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tààrà. ‘Àbíkú’ ní tirẹ̀ kò bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ lẹ́yìn ògiri ni, ohun tí babaláwo ń sọ fún bàbá ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ewì Clark rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú ewì ni ohun tí wọ́n ń sọ létí ọmọ, àkọlé sì ni ohun tí wọ́n mọ̀ tí wọn kò lè sọ. Ẹni tí ó bá ka inú rẹ̀ nìkan gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí ó ní ìrètí. Ẹni tí ó ka àkọlé mọ́ ọn gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kan náà láti ẹnu ẹni tí ó ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ nípa ìhun ọ̀rọ̀ Yorùbá tún lè rí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní rí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi kan ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, bí àti kú. Kò sí ohunkóhun láàrin méjèèjì. Àbíkẹ́yìn ní ìkẹ́yìn nínú, àbíyè tí a fi ń ṣàdúrà fún aboyún ní ìyè nínú. Àbíkú gbé ìbí lé ikú bí ẹni pé wọ́n jọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yẹn, níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti fi àyè sílẹ̀, ni gbogbo ewì Clark wà. Dúró, wọlé, jókòó: ó ń gbìyànjú láti fi ohun kan sí àárín bí àti kú.

Kí á tó fi í sílẹ̀, mo ṣe ìdánwò mìíràn tí mo rò pé ó wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá àkọlé kan ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣe é. Mo mú àkọlé náà kúrò, mo sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ‘Àlejò’ sí i. Ewì náà di ti ọ̀rẹ́ mi, ti ọmọ Èkó, ọmú ìparí sì di ohun tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Mo tún fi ‘Dúrójayé’ sí i. Èyí dára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ di méjì: àkọlé ń bẹ̀bẹ̀, inú ewì ń bẹ̀bẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohunkóhun ju ara wọn lọ. Ohun tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú rẹ̀ ti lọ. Níkẹyìn mo fi orúkọ àìsàn sí i. A mọ̀ lónìí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú ní ayé àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá jọ gbé fún ọmọ, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ni ó ń pa wọ́n, tàbí kí ó jẹ́ ibà. Mo kọ ‘Fòníkú-fọ̀ladìde’ sí orí ewì náà. Ó bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí a lè bẹ̀ mọ́. Àrùn kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ẹlẹgbẹ́ lórí igi osè, a kò sì lè sọ fún un pé ó ti rẹ ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn wa kò ṣẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ ara wọn sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ewì yìí ń fẹ́ ẹni tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, àkọlé ni ó sì fún un ní ẹni náà.

Ti Ṣóyínká yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá bo àkọlé tirẹ̀, kò sí ohun tí yóò sọnù nípa ẹni tí ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ó dá ara rẹ̀ mọ̀ fún wa nínú ẹsẹ àkọ́kọ́. Ó ní òun ni àbíkú, kò sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi ìdánwò ìwé pélébé nìkan wò ó lè sọ pé àkọlé kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àṣìṣe ni yóò jẹ́. Ìbéèrè tí ó yẹ nibẹ̀ ni pé, ta ni ó ń sọ àkọlé yẹn?

Nínú ìwé Ṣóyínká, àlàyé kúkurú kan wà láàrin àkọlé àti ewì. Ó sọ pé ọmọ kan náà ni ó ń kú tí ó ń padà wá léraléra láti dà ìyá rẹ̀ láàmú, ó sì sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn Yorùbá ni. Ẹ wo ibi tí àlàyé yìí dúró sí: ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ó wà. Ìyá ni wọ́n ń dà láàmú, ọmọ ni ó jẹ̀bi. Àkọlé àti àlàyé náà jẹ́ ohùn ìlú. Lẹ́yìn wọn ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ya ẹnu, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì sọ ni pé ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi yí òun ká, asán ni. Ewúrẹ́, owó ẹyọ, epo pupa, eérú, ìkarahun ìgbín tí a fi iná mú gbóná tí a fi sàmì sí òun láyà, kò sí èyí tí ó dá òun dúró nínú wọn. Ó mú ọ̀rọ̀ tí ìlú fi ń bú u, ó sì sọ ọ́ di oríkì ara rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọni ṣe máa ń pe orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń halẹ̀.

Báyìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà lórí ewì náà àti nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu méjì ni ó ti jáde. Lórí, ẹ̀sùn ni. Nínú, ìjúbà ara ẹni ni. Ẹni tí kò bá ka àkọlé gbọ́ ìhalẹ̀ nìkan, kò gbọ́ ohun tí ìhalẹ̀ náà ń dá lóhùn. Ní ìparí ewì, Ṣóyínká kó pupa ẹyin àti òkìtì ilẹ̀ sí ojú kan, ohun ìbí àti ohun ìsìnkú, ó sì jọ pé ó ń tú ọ̀rọ̀ àkọlé náà sí méjì níwájú wa. N kò mọ olùkọ́ mofọ́lọ́jì tí ó lè tú u ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá wá fi méjèèjì wé ara wọn, ìyàtọ̀ wọn kọjá ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ti Clark, ilé mọ orúkọ náà, kò sì lè pè é. Nínú ti Ṣóyínká, ọmọ gbọ́ orúkọ tí a kò fẹ́ kí ó gbọ́, ó sì ń pè é tí ó ń yangàn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí àkọlé ti lè ṣì wá lọ́nà. Nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó wà lórí ewì Clark, ó rọrùn fún àwa ọmọ Yorùbá láti gbé ilé náà wá sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú. Ilé yẹn kò sí lọ́dọ̀ wa. Ògiri ọparun ni, àjà tí a fi ń yan ẹja tútù wà nínú rẹ̀, omi odò ń kún yí i ká, àpá ara ọmọ sì jọ ẹnu ẹja tí ó ní eyín bí ayùn. Ilé ará odò ni. Igi osè nìkan ni kò bá a mu, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni a ti ń rí igi osè, kì í ṣe àárín ẹrẹ̀ omi. Akéwì kan ni ó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa láti fi sọ ìbànújẹ́ ilé tirẹ̀. Bí a bá ka àkọlé débi pé a kò rí ẹja mọ́, a ti jẹ́ kí ó jẹ ewì.

Ibòmíràn tí ó yẹ kí á ṣọ́ra ni lítíréṣọ̀ alohùn tiwa. Ìjálá kì í ní àkọlé nígbà tí ọdẹ bá ń sun ún. Bí ẹ bá rí ‘Erin’ tàbí ‘Ẹfọ̀n’ ní òkè oríkì ẹranko nínú ìwé, ẹni tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ni ó fi í síbẹ̀ kí òǹkàwé lè rí ọ̀nà. Orúkọ Odù tí ó wà lórí ẹsẹ Ifá sì jẹ́ bí àdírẹ́sì ibi tí ẹsẹ náà ń gbé, kì í ṣe àkọlé tí ẹnì kan yàn fún un. Kí a tó sọ pé àkọlé kan yí ìtumọ̀ padà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè pé ta ni ó fi í síbẹ̀. Ní ti ‘Àbíkú’ méjèèjì, àwọn akéwì fúnra wọn ni.

Láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti tú ewì Clark sí Yorùbá fún ara mi. N kò fọwọ́ kan àkọlé, bí kò ṣe pé mo fi àmì ohùn sí i lórí. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ni obìnrin tí ó rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní arọ́pò orúkọ tí ó ń fi obìnrin hàn. Tiwa kò ní. Bí mo bá kọ pé ara rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Mo kọ ‘ìyá rẹ’, ó sì tún yọrí sí nǹkan mìíràn tí n kò fiyè sí tẹ́lẹ̀: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìyá. Ará ilé ni, ‘àwa’ ni ó ń pe ara rẹ̀. Ìyá wà nínú yàrá, kò sọ ohunkóhun.

Ìṣòro kejì ni etí tí a gé. Ṣé ‘ẹrú’ ni kí n pe ọmọ náà ni, àbí ‘ìwọ̀fà’? Gẹ̀ẹ́sì tí Clark lò lè gba méjèèjì. Bí mo bá tẹ̀lé àkọlé, ìwọ̀fà ni ó tọ́, nítorí pé ìwọ̀fà ń sìn nínú ilé kan nígbà tí ilé tirẹ̀ wà níbòmíràn, yóò sì lọ bí wọ́n bá san gbèsè tí ó ń sìn lé lórí. Àbíkú pẹ̀lú ní àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé tí ń sọ̀rọ̀ kò ní fẹ́ gba ìwọ̀fà. Ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́. Mo kọ ‘ẹrú’ sílẹ̀, mo sì fi ‘Àbíkú’ sílẹ̀ sókè bí ó ti wà.